Ìṣẹ́jú Mẹ́ta Lórí Rédíò

Àwọn ilé iṣẹ́ rédíò máa ń fún àwa nọ́ọ̀sì ní ìṣẹ́jú mẹ́ta láàárín ìròyìn àti orin pé ká fi la àwọn ará ìlú lọ́yẹ̀ nípa ìlera. Ìmọ̀ràn mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń béèrè. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ ìwé tí a ń kà lórí irú ètò bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo máa ń kà á nígbà mìíràn, àwọn tí mo ṣáájú lẹ́nu iṣẹ́ ló máa ń kà á nígbà mìíràn. Ohun kan tí mo máa ń tẹnu mọ́ fún wọn ni pé nọ́ọ̀sì tó jókòó sídìí máìkì kò rí ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Kò fọwọ́ kàn án lára, kò wọn ìfúnpá rẹ̀, kò sì mọ oògùn tó ti lò kó tó tan rédíò. Nítorí náà, kò lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ àìsàn tó ń ṣe é fún un. Ohun tó lè sọ ni ohun tí ènìyàn lè ṣe nílé láìséwu, àti àmì tó yẹ kó mú un gbéra lọ sí ilé ìwòsàn. Gbogbo wa la mọ èyí nígbà tí a bá jókòó kọ ìwé náà. Àmọ́ inú gbólóhùn, níbi tí ọkàn ẹni kò sí, ni àṣìṣe ti máa ń wọlé.

Ẹ jẹ́ ká mú ètò kan tó dá lórí ohun mẹ́ta tí kò wọ́n ní ilé ìwòsàn alábọ́dé kankan nílẹ̀ wa: ẹ̀jẹ̀ ríru, ìgbẹ́ gbuuru ọmọdé, àti ara gbígbóná ọmọdé.

Bí ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru nìyí: “Bí orí bá ń fọ́ yín, tí ẹ̀yìn ọrùn ń ro yín, tí ẹ kò sì rí oorun sùn, ẹ̀jẹ̀ yín ti ru nìyẹn.” Ó dùn-ún gbọ́, ó sì ń tètè wọ olùgbọ́ létí, nítorí orí kì í ṣàìfọ́ ènìyàn. Ṣùgbọ́n ibi méjì ni gbólóhùn yìí ti ń ṣeni léṣe. Ó ti fún ẹni tí orí ń fọ́ ní àìsàn tí ẹnikẹ́ni kò yẹ̀ wò lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ebi lè fa orí fífọ́, oòrùn lè fà á, ojú tàbí eyín lè fà á. Èyí tó tún burú jù ni ohun tó ń sọ fún ẹni tí orí kò fọ́. Mẹ́káníìkì tó ń gbọ́ rédíò lábẹ́ ọkọ̀, tí nǹkan kan kò ṣe é, yóò sọ nínú ara rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kò kan òun. Òun gan-an ló sì kàn jù, nítorí ọ̀pọ̀ àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ru ni kò mọ nǹkan kan lára.

Bí a ṣe tún un kọ nìyí: “Ẹ̀jẹ̀ lè ru láìsí àmì kankan lára. Wíwọ̀n nìkan ló lè fi hàn. Ẹ̀yin àgbàlagbà tí ẹ kò rántí ìgbà tí wọ́n wọn ìfúnpá yín kẹ́yìn, ẹ yà sí ilé ìwòsàn alábọ́dé tó sún mọ́ yín lọ́sẹ̀ yìí, kí wọ́n bá yín wọ̀n ọ́n.” Kò sí ẹni tí a fún ní àìsàn nínú rẹ̀. Kò sì sí ẹni tí a sọ fún pé ara rẹ̀ le.

Wíwọ̀n náà ní bó ṣe yẹ kó rí, gbólóhùn kan sì gbọ́dọ̀ wà fún un. Ẹ wo ìyá kan tó sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà níwájú ọjà, níbi tí wọ́n ti ń wọn ìfúnpá lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n ká apá bùbá rẹ̀ sókè títí ó fi fún un lápá, wọ́n di ẹ̀rọ mọ́ ọn lọ́gán. Ó ń kí ẹni tó kọjá, ó gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì, ìtọ̀ sì ń gbọ̀n ọ́n. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹ̀rọ náà gbé 158 lórí 96 jáde. Bí wọ́n bá jẹ́ kó lọ tọ̀, tó jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, tó fẹ̀yìn ti àga, tó fẹsẹ̀ méjèèjì lélẹ̀, tó gbé apá tí aṣọ kò bò sórí tábìlì ní ọ̀gbọọgba àyà rẹ̀, tí kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, iye náà lè wálẹ̀ sí 138 lórí 86. Èwo ni tirẹ̀ nínú méjèèjì? Èkejì ni a lè gbà gbọ́ jù, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó tó láti fi sọ fún un pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru tàbí pé kò ru. Àwa òṣìṣẹ́ ìlera máa ń wọ̀n ọ́n ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ní ìjókòó kan, a ó tún ní kó padà wá lọ́jọ́ mìíràn. Bí ó bá jẹ́ 140 lórí 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ méjì, ìgbà náà ni ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ yóò fún un lórúkọ.

Èmi kì í dárúkọ iye yẹn lórí rédíò. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan rò pé ó yẹ kí ará ìlú mọ̀ ọ́n, mo sì gbọ́ wọn yé. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìfúnpá ti wọ ọ̀pọ̀ ilé báyìí. Mo ti rí àwọn tó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí wọ́n rí iye tó ga, tí wọ́n sì lọ yá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lọ́wọ́ aládùúgbò. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta, a kò ní àyè láti sọ iye náà, ká tún ṣàlàyé gbogbo ohun tó lè gbé e sókè. Ohun tí mo ń sọ ni: “Kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n, ẹ lọ tọ̀, kí ẹ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí wọ́n bá ní ó ga, ẹ má bẹ̀rù, ẹ má sì dá oògùn rà. Ẹ padà lọ́jọ́ tí wọ́n bá dá fún yín. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń lo oògùn rẹ̀, ẹ má dá a dúró nítorí pé ara yín ti yá.” Gbólóhùn kan ló kù lẹ́yìn èyí, ó sì gbọ́dọ̀ dá dúró kí olùgbọ́ lè gbọ́ ọ ketekete: “Bí ẹ̀gbẹ́ ojú kan bá dédé wọ́, tí apá kan kò ṣeé gbé, tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ mọ́ ènìyàn lẹ́nu, tàbí tí àyà ń dun ènìyàn gidigidi, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.” A kò dárúkọ rọpárọsẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó máa gbé aláìsàn kò nílò orúkọ náà kó tó wá ọkọ̀.

Ìgbẹ́ gbuuru ọmọdé ni mo máa ń fún ní àyè jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí òun ni ìyá lè ṣe nǹkan sí jù nílé láìtíì mọ ohun tó fà á. Kí ìyá tó dé ọ̀dọ̀ wa rárá, wọ́n ti sọ ohun tó fà á fún un. Wọ́n ní eyín ló ń hù. Wọ́n ní jẹ̀díjẹ̀dí ni. Tí a bá sọ ara wa di ẹlẹ́jọ́ lórí rédíò pé eyín kọ́, ìṣẹ́jú mẹ́ta náà ti lọ, ìyá àgbà inú ilé á sì ti pa rédíò. Ohun tí mo ń kọ ni: “Ohun yòówù tó bá fà á, omi àti iyọ̀ ló ń jáde lára ọmọ. Ẹ dá a padà.”

Ìtàn wà lẹ́yìn gbólóhùn yẹn. Ní ọdún 1971, nígbà tí ogun Báńgíládẹ́ẹ̀ṣì lé ọ̀pọ̀ ènìyàn sá wọ ilẹ̀ Íńdíà, kọ́lẹ́rà bẹ́ sílẹ̀ ní àgọ́ àwọn tí ogun lé kúrò nílé nítòsí ìlú Bọngáọ̀n. Omi ìfàsára tí wọ́n ń fà sí iṣan aláìsàn tán. Dókítà Dílíìpù Mahalánábíìsì ní kí wọ́n po iyọ̀ àti ṣúgà glúkóòsì mọ́ omi, kí àwọn ẹbí aláìsàn máa fún wọn mu. Níbi tí bí ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún ti ń kú tẹ́lẹ̀, àwọn tó kú kò tó mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún mọ́ lábẹ́ ìtọ́jú rẹ̀. Wọ́n ka bí wọ́n ṣe ń pò ó sórí rédíò ìkọ̀kọ̀ kan tó ń sọ̀rọ̀ sí àwọn ará Báńgíládẹ́ẹ̀ṣì. Orí rédíò ni ọ̀rọ̀ yìí ti gba ọ̀nà kọjá látìbẹ̀rẹ̀, àwọn ẹbí tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìlera ló sì ń fún àwọn aláìsàn mu. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé ó bá ètò wa mu.

Ṣùgbọ́n ó ní ìwọ̀n. ORS tó wà ní kẹ́míìsì àti ní ilé ìwòsàn alábọ́dé jẹ́ ìyẹ̀fun inú páálí pelebe. Èyí tó wọ́pọ̀ jẹ́ ti lítà omi kan. Àwọn mìíràn wà tí wọ́n ṣe fún omi tó kéré sí i, wọ́n sì máa ń kọ ọ́ sí ara rẹ̀. Ibi tí nǹkan ti ń dàrú ni inú piọ́ wọ́tà. Ìyá á fi eyín já igun ọ̀rá náà, á da gbogbo ìyẹ̀fun sínú rẹ̀, á di ẹnu rẹ̀ mú, á sì mì ín. Àmọ́ ìdajì lítà ni ọ̀rá piọ́ wọ́tà kan, bí ó bá tilẹ̀ kún. Ohun tó pò náà ti le ní ìlọ́po méjì. Omi tó ní iyọ̀ àti ṣúgà jù báyìí lè fa omi láti inú ara bọ́ sínú ìfun, kí ìgbẹ́ náà pọ̀ sí i, kí iyọ̀ sì pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ. Ìyá á wá sọ pé ORS kò bá ọmọ òun lára mu. Ẹni tó fi omi púpọ̀ là á náà kò ṣe ọmọ lóore, nítorí iyọ̀ tí ara ọmọ ń wá kò ní tó.

Nítorí náà, iye ni mo ń kọ síbẹ̀, mi ò kì í kọ “omi díẹ̀” tàbí “omi tó tó”: “Ẹ ka ara páálí náà. Bí ó bá jẹ́ ti lítà kan, piọ́ wọ́tà méjì tó kún ni ẹ ó dà sínú ike mímọ́ kan tó ní ìdérí, ẹ ó sì da gbogbo ìyẹ̀fun náà sí i. Ẹ má fi ṣúgà, mílíìkì tàbí ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò kún un. Èyí tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn wákàtí 24, ẹ dà á nù, kí ẹ po òmíràn.” Ìwọ̀n tí ọmọ ń mu tẹ̀ lé e. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì máa ń mu mìlílítà 50 sí 100 lẹ́yìn ìgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Èyí tó ti jù bẹ́ẹ̀ lọ máa ń mu 100 sí 200. Lórí rédíò, mo máa ń ní kí wọ́n fi ike kékeré tí wọ́n kọ iye sí lára wọ̀n ọ́n, nítorí kọ́ọ̀bù ilé kan kò bá èkejì dọ́gba. Bí ọmọ bá bì í, kí ìyá dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó tún bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ṣíbí, díẹ̀díẹ̀. Ọmú kò gbọdọ̀ dáwọ́ dúró, oúnjẹ náà kò sì gbọdọ̀ dáwọ́ dúró.

Síǹkì ń bá ORS rìn. Ọjọ́ 10 sí 14 ni ọmọ fi ń lò ó, bí ìgbẹ́ náà tilẹ̀ ti dá kó tó pé. Mo máa ń sọ iye ọjọ́ rẹ̀ lórí afẹ́fẹ́ nítorí àwọn ìyá máa ń dá a dúró ní ọjọ́ kẹta tí ìgbẹ́ bá ti ki. Iye tí ọmọ máa lò lójúmọ́ ni mi ò kì í sọ, nítorí ti ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà jẹ́ ìdajì ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ìyá tó gbọ́ ọ̀kan lè má gbọ́ èkejì. Mo máa ń ní kí wọ́n béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá fún wọn. Ti àwọn kápúsù tí wọ́n ń tú lé ọmọ lẹ́nu, gbólóhùn kan tó fún un: “Ẹ má fún un ní oògùn apakòkòrò àyàfi tí òṣìṣẹ́ ìlera bá yẹ̀ ẹ́ wò, tó sì kọ ọ́ fún un.”

Níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí, mo fẹ́ sọ ohun tí mo rò pé ó ń kó àwọn ọ̀dọ́ nọ́ọ̀sì sí wàhálà. Nígbà tí a bá kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má ṣe sọ àìsàn olùgbọ́, ẹ̀rù á bà wọ́n, wọ́n á wá máa fi “ó lè jẹ́” àti “bóyá” sí gbogbo ibi. “Ẹ lè gbìyànjú láti po ORS.” “Ó lè dára kí ẹ lọ sí ilé ìwòsàn.” Irú ìṣọ́ra yìí kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Ohun tó fa àìsàn ni ká máa fi “ó lè jẹ́” sọ, nítorí a kò rí i. Ohun tí ìyá máa ṣe ni ká sọ ní pàtó. Lítà kan, lítà kan ni. Bí àwùjẹ̀ ọmọ bá rì, tí ojú rẹ̀ wọnú, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́, kò sí bóyá níbẹ̀. Kí ó gbé e wá.

Ara gbígbóná kò gbà wá lákòókò tó bẹ́ẹ̀. Gbólóhùn tó yẹ ká yẹra fún ni “Bí ara ọmọ bá gbóná, ẹ fún un ní oògùn ibà.” Láti ọdún 2010 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí a máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ká tó fún ènìyàn ní oògùn ibà. Ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan láti orí ìka, lórí pátákó kékeré, èsì á sì jáde láàárín bí ìṣẹ́jú 15 sí 20. Bí èsì bá ní kò sí ibà, oògùn ibà kò ní ran ọmọ náà lọ́wọ́. Ohun tó ń mú ara rẹ̀ gbóná ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, ìyá sì rò pé òun ti tọ́jú rẹ̀. Nítorí náà: “Bí ara ọmọ bá gbóná, ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ tó ra oògùn ibà. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù méjì, ẹ má dúró rárá.” Lẹ́yìn náà ni àmì mẹ́rin tí a fi ń mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti kọjá ilé, tó sì jẹ́ ti ìgbẹ́ gbuuru bákan náà: ọmọ tí kò lè mu omi tàbí ọmú, ọmọ tó ń bi gbogbo ohun tó bá mu, ọmọ tí gìrì mú, àti ọmọ tó rọ jọwọrọ tàbí tí kò ṣeé jí. Mo ń fi gbólóhùn kan kún ti gìrì, nítorí mo ti rí ohun tí àgbo ìtọ̀ màlúù ń dá sílẹ̀ lára ọmọ: ẹ fẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ẹ má fi ṣíbí tàbí ohunkóhun sí i lẹ́nu, ẹ gbé e wá.

Lẹ́yìn kíkà ni fóònù á bẹ̀rẹ̀ sí í dún, ibẹ̀ sì ni ìwé tí a ṣe dáadáa ti lè bọ́ lọ́wọ́ ẹni. Ìyá kan á pè: “Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́ mà. Ara ọmọ mi ń gbóná láti ìjẹta, kí ni kí n rà fún un?” Gbogbo ìlú ń gbọ́, atọ́kùn ètò ń wojú rẹ, o sì fẹ́ ràn án lọ́wọ́. Ìbéèrè mẹ́rin péré ni mo máa ń bi í. Ṣé ó ń mu omi tàbí ọmú? Ṣé ó ń bi gbogbo rẹ̀? Ṣé gìrì ti mú un? Ṣé ó ń dáhùn tí ẹ bá jí i? Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ń wá orúkọ àìsàn. Bí ó bá ti dáhùn sí ọ̀kan lọ́nà tó fi ewu hàn, màá ní, “Ẹ gbé fóònù sílẹ̀ báyìí, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.” Bí kò bá sí ewu kankan, màá ní, “Ẹ jọ̀wọ́, mi ò rí ọmọ yín, nítorí náà mi ò lè sọ ohun tó ń ṣe é. Ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kí ilẹ̀ òní tó ṣú, kí ẹ máa fún un ní omi tàbí ọmú lọ́nà.” Àwọn kan máa ń bínú pé nọ́ọ̀sì kò fẹ́ dá oògùn fún wọn. Kí wọ́n bínú sàn ju kí gbogbo àwọn tó ń gbọ́ lọ ra oògùn tí a dá fún ọmọ kan ṣoṣo.

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì ẹlẹgbẹ́ mi, kí ẹ tó gbé irú ìwé yìí lọ sí sìtúdíò, ẹ kà á fún ẹnì kan tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìlera, bóyá ìyá tó ń ta ata lẹ́nu ọ̀nà yín. Ẹ má bi í bóyá ó yé e, nítorí yóò ní ó yé òun. Ẹ ní kó sọ bó ṣe máa po ORS fún yín. Bí ó bá dárúkọ piọ́ wọ́tà kan, ẹ jọ̀wọ́, ẹ padà lọ tún un kọ.